Ìròyìn Ìjàǹbá Lẹ́nu Iṣẹ́: Báwo Lo Ṣe Mọ̀?

Ẹ̀yin ọmọ wa tí wọ́n bí sí ìlú òyìnbó níbí, ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí. Púpọ̀ nínú yín ló ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà, ní ọsibítù, ní ilé ìkẹ́rùsí, ní ilé oúnjẹ. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan lè ṣubú níbi iṣẹ́ yín, kí ọ̀gá yín na fọ́ọ̀mù sí yín pé, "Kọ ohun tó ṣẹlẹ̀." Bí a ṣe ń kọ ọ́, àti bí a ṣe ń tún un kọ kó má di ẹjọ́ sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn, ni ọ̀rọ̀ wa.

Ọdún 11 ni mo fi jẹ́ aṣojú àwọn òṣìṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ààbò lẹ́nu iṣẹ́ ní Ìlú Ọba níbí. Mo ti ka ọ̀pọ̀ ìròyìn ìjàǹbá. Ọ̀kan péré ni mo fẹ́ sọ fún yín, torí pé ó kù díẹ̀ kó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìyá kan tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Àbúrò mi kan ló pè mí lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ló ti ń ṣiṣẹ́, òun sì ni olórí àwọn tó ṣiṣẹ́ mọ́jú ọjọ́ yẹn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan kan. Ọ̀kan nínú wa ṣubú láàárọ̀ yìí. Ọ̀gá ní kí n fi ìròyìn ránṣẹ́ kó tó di ọ̀la. Mo ti kọ ọ́, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀." Mo ní kó kà á fún mi. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tó wà níbẹ̀ nìyí lédè wa:

"Láàárọ̀ yìí, òṣìṣẹ́ wa ń sáré gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, kò wo ibi tó ń lọ. Klínà ti nu ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì kùnà láti gbé àmì síbẹ̀. Òṣìṣẹ́ náà yọ̀, ó ṣubú, ọwọ́ rẹ̀ sì kán. Bàtà tó wọ̀ kò dára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, a ò ní jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ mọ́. Ó yẹ kí ẹ kìlọ̀ fún klínà."

Ẹ gbọ́ ná. Ìròyìn yìí kò gùn, ó sì yéni. Ẹni tó kọ ọ́ kì í ṣe òpùrọ́. Síbẹ̀, nígbà tí mo bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo lórí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ku nǹkan kan. Ìbéèrè náà ni: "Báwo lo ṣe mọ̀?"

Ẹ jẹ́ ká mú un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó ní òṣìṣẹ́ náà ń sáré. Mo ní, "Báwo lo ṣe mọ̀? Ṣé o rí i?" Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Rárá o. Ẹnu ọ̀nà yàrá kan ni mo wà, mo kẹ̀yìn sí i. Ariwo ni mo gbọ́. Nígbà tí mo máa yíjú, ó ti wà nílẹ̀." Mo ní, "Kí ló wá dé tí o fi kọ pé ó ń sáré?" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, gbogbo wa la mọ̀ pé ó máa ń sáré."

Ohun àkọ́kọ́ tó ń ba ìròyìn jẹ́ nìyẹn. Ìwà ẹni kì í ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ láago 6 kọjá ìṣẹ́jú 40. Ó lè jẹ́ pé ó máa ń sáré lójoojúmọ́, kó sì jẹ́ pé lọ́jọ́ yẹn, jẹ́jẹ́ ló ń rìn. Ẹni tí kò rí i kò lè kọ ọ́. Ohun tó lè kọ ni ibi tó dúró sí, ohun tí etí rẹ̀ gbọ́, àti ohun tí ojú rẹ̀ rí nígbà tó yíjú. Tí ẹni tó ṣubú bá sọ fúnra rẹ̀ pé òun ń sáré, ẹ kọ ọ́ pé òun ló sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ó tún ní klínà ti nu ilẹ̀. Mo ní, "Báwo lo ṣe mọ̀?" Ó ní, "Omi wà nílẹ̀." Mo ní, "Ìyẹn ni pé omi lo rí, o ò rí klínà." Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní kó ṣàlàyé omi náà fún mi. Báwo ló ṣe pọ̀ tó? Níbo ló wà gan-an? Ó ní kò fẹ̀ ju tiréè tí wọ́n fi ń gbé tíì lọ, ojú kan ló sì wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi mímu tó wà lára ògiri. Ibi tó kù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà gbẹ.

Ẹ wò ó. Ṣé ẹ ti rí ẹni tó nu ilẹ̀ rí, tó jẹ́ ojú kan tó fẹ̀ tó tiréè ló nù? Èmi ò sọ pé klínà kọ́, n ò sì sọ pé ẹ̀rọ ni. N ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n "klínà ti nu ilẹ̀" ti dáhùn ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò tíì wádìí. Bí ìdáhùn bá ti wà nínú ìròyìn, ta ló tún máa lọ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ? "Omi wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi mímu, ó fẹ̀ tó tiréè kan" ló máa mú kí ẹnì kan lọ wò ó. Ìdí tí mo fi ń sọ pé kí a yọ ẹ̀bi kúrò nìyẹn. Kì í ṣe torí kí inú gbogbo ènìyàn lè dùn. Torí pé nígbà tí a bá ti rí ẹni tí a máa dá lẹ́bi, a máa ń jáwọ́ nínú wíwá ohun tó fà á, omi yẹn á sì tún dé ibẹ̀ lọ́la.

Ó wá kù sórí àmì, àmì yẹ́lò tí wọ́n máa ń gbé kalẹ̀ tí ilẹ̀ bá tutù. Àbúrò mi kọ ọ́ pé klínà "kùnà láti" gbé e síbẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ yẹn o. Nínú Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń kọ níbi iṣẹ́, òun ló wọ́pọ̀ jù, ó sì dà bí ọ̀rọ̀ lásán. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kùnà, ohun kan wà tó yẹ kó ṣe tí kò ṣe. Ìdájọ́ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni "ó yẹ kó ti," "láìbìkítà," àti "gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀." Tí ẹ bá ń tún ìròyìn kọ, àwọn ọ̀rọ̀ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wá.

Mo tún bi í léèrè pé, "Ṣé kò sí àmì ni, àbí o ò rí àmì?" Yorùbá mọ ìyàtọ̀ àárín méjèèjì. "Kò sí" túmọ̀ sí pé o wá gbogbo ibẹ̀. "Mi ò rí" túmọ̀ sí pé ojú rẹ ò tó o. Ó ronú sí i, ó wá ní, "Àmì kan wà o. Ó fara ti ògiri nítòsí ilé ìdáná. Wọ́n ká a pọ̀ ni." Mo ní báwo ló ṣe jìnnà tó? Ó ní tó bíi mítà 6. Ìyẹn la kọ: mi ò rí àmì lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi náà, mo rí ọ̀kan tí wọ́n ká tì sára ògiri, nǹkan bíi mítà 6 síbẹ̀. Ẹni tó bá ka èyí lè ronú fúnra rẹ̀. A ò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, a ò sì fi nǹkan kan pamọ́.

Ó ní ọwọ́ rẹ̀ kán. Mo ní, "Ṣé dókítà ni ẹ́?" Ó rẹ́rìn-ín. Ohun tó rí ni pé ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀ wú, obìnrin náà sì sọ pé, "Ọwọ́ mi ń dùn mí, mi ò lè yí i." Ẹ kọ ìyẹn. Kí ẹ sọ bóyá òsì ni tàbí ọ̀tún, torí wọ́n máa ń gbàgbé rẹ̀. Tí ẹ́ksíréè bá wá fi hàn lẹ́yìn náà pé egungun kán, ẹ fi kún un lábẹ́, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ gbọ́ àti ẹni tó sọ fún yín. Ẹ má padà sókè lọ yí ohun tí ẹ kọ́kọ́ kọ.

Ó ní bàtà rẹ̀ kò dára. Mo ní, "Irú bàtà wo ni?" Ó ní dúdú ni, ó bo iwájú ẹsẹ̀, ó ní okùn, rọ́bà sì ni ìsàlẹ̀ rẹ̀. Èwo ni kò dára níbẹ̀? Ó ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹ díẹ̀. Ṣé ó yẹ̀ ẹ́ wò? Rárá, ó kàn rò bẹ́ẹ̀ ni. Torí náà, a kọ irú bàtà tó jẹ́, a fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Gbólóhùn tó tẹ̀ lé e jẹ́ tiwa, àwa ọmọ Yorùbá: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Wọ́n kọ́ wa nílé pé tí nǹkan bá ṣe ẹlòmíì, ká sọ pé pẹ̀lẹ́, kódà tí a ò sí ńbẹ̀. Pẹ̀lẹ́ wa kì í ṣe pé a jẹ̀bi. Àánú ni. Ṣùgbọ́n tí ó bá di Gẹ̀ẹ́sì nínú ìwé, ẹni tó ń kà á lè rò pé o ti gbà pé ìwọ lo fà á. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wélíìsì níbí, òfin kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 2006 sọ ọ́ pé títọrọ àforíjì nìkan kò túmọ̀ sí pé ènìyàn gbà pé òun jẹ̀bi àìbìkítà. Torí náà, ẹ má bẹ̀rù láti sọ pẹ̀lẹ́ fún ẹni tó ṣubú. Ẹ sọ ọ́ fún un lójúkojú, ẹ bá a gbé tíì wá. Àmọ́ nínú ìròyìn, kò ní iṣẹ́ kankan tó ń ṣe níbẹ̀. Ẹ yọ ọ́.

Ìkẹyìn ni pé kí wọ́n kìlọ̀ fún klínà. Ìyá kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ni, gbogbo wọn ń pè é ní Mọ́mì. Àbúrò mi ò kórìíra rẹ̀. Ó kàn rò pé ìròyìn tí kò bá dárúkọ ẹni tó jẹ̀bi, kò tíì pé. Mo rán an létí ohun tí àwọn àgbà sọ, pé agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. Ta ló ti bi Mọ́mì léèrè? Kò sẹ́ni. Àyè wà fún ohun tí ẹ ṣe lójú ẹsẹ̀ kí ibẹ̀ má bàa tún gbé ẹlòmíì ṣubú. Ìyẹn ni kí ẹ kọ síbẹ̀. Ìkìlọ̀ fún òṣìṣẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, lẹ́yìn ìwádìí.

A jókòó tì í lórí fóònù fún bíi wákàtí kan. Ohun tó jáde nìyí:

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nǹkan bí aago 6 kọjá ìṣẹ́jú 40 àárọ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá 4, mo kẹ̀yìn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo gbọ́ ìró, mo yíjú, mo rí òṣìṣẹ́ kan tó fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn sílẹ̀, ní iwájú ẹ̀rọ omi mímu. Mi ò rí i nígbà tó ń ṣubú. Ó sọ fún mi pé: 'Ẹsẹ̀ mi yọ̀. Ọwọ́ mi ń dùn mí, mi ò lè yí i.' Ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀ wú. Omi wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà, ó fẹ̀ tó tiréè kan. Ibi tó kù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbẹ. Mi ò rí àmì lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi náà. Mo rí àmì kan tí wọ́n ká tì sára ògiri nítòsí ilé ìdáná, nǹkan bíi mítà 6 síbẹ̀. Iná ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà ní títàn. Ó wọ bàtà dúdú olókùn, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà. Mo pe nọ́ọ̀sì, ó dé láàárín ìṣẹ́jú 2. Mo ya fọ́tò omi náà láago 6 kọjá ìṣẹ́jú 48, lẹ́yìn náà mo nù ún, mo sì gbé àmì síbẹ̀. Láago 7 kọjá ìṣẹ́jú 30, omi díẹ̀ ti tún wà ní ojú kan náà. Ní oṣù tó kọjá, mo rí omi ní ojú kan náà lẹ́ẹ̀mejì, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé àtúnṣe."

Ẹ ṣàkíyèsí ohun mẹ́ta nínú rẹ̀. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ipò ló lò. Àyè orúkọ wà lórí fọ́ọ̀mù níbòmíì. Ó sọ ohun tí kò rí, kò fi ìmọ̀ràn dí àlàfo náà. Ó sì ya fọ́tò kó tó nu omi, ó sọ pé òun nù ún. Tí ẹ bá ti gbé nǹkan kúrò níbi tó wà, ẹ sọ ọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tó bá dé lẹ́yìn yín máa rò pé ilẹ̀ gbẹ látìgbà náà.

Ó fi ránṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá pè é pé ìròyìn náà dára, àmọ́ kó yọ gbólóhùn ìkẹyìn, èyí tó sọ nípa oṣù tó kọjá. Ó ní, "A ti sọ pé a ò fẹ́ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Gbólóhùn yẹn ń dá ilé iṣẹ́ lẹ́bi."

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí jù. Yíyọ ẹ̀bi kúrò kì í ṣe yíyọ òótọ́ kúrò. Ẹ padà sórí ìbéèrè wa: báwo lo ṣe mọ̀? Ó fojú ara rẹ̀ rí omi náà. Ó kọ ọ́ sínú ìwé àtúnṣe, ọjọ́ wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ohun tó kọ ni "ilé iṣẹ́ ò kà wá sí," mo máa ní kó yọ ọ́, torí èrò ọkàn rẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ "mo rí i lẹ́ẹ̀mejì, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé" jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó lè dun ẹnì kan, síbẹ̀ kò tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Mo ní kó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dá ọ̀gá lóhùn pé, "Mà, mo lè fi ọjọ́ méjèèjì síbẹ̀ kí ó lè ṣe kedere, ṣùgbọ́n mi ò lè yọ ọ́, torí mo ti fọwọ́ sí i." Ó fi ọjọ́ méjèèjì sí i. Ọ̀gá gbà á. Bí ẹnì kan bá ní kí ẹ tún nǹkan ṣe nínú ìròyìn tí ẹ ti fọwọ́ sí, ẹ fa ìlà kan péré lórí ohun àtijọ́ kí ó ṣì ṣeé kà, ẹ kọ tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ sí i, ẹ fọwọ́ sí i. Kí ẹ sì ní ẹ̀dà tiyín, tàbí ó kéré tán, kí ẹ kọ ọjọ́ àti àkókò tí ẹ fi ránṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹ́ksíréè fi hàn pé egungun ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kán lóòótọ́. Ní Ìlú Ọba níbí, tí òṣìṣẹ́ bá fi egungun kán nínú ìjàǹbá iṣẹ́, yàtọ̀ sí ìka ọwọ́ tàbí ìka ẹsẹ̀, ó di dandan fún ilé iṣẹ́ láti sọ fún àjọ ìjọba tó ń bójú tó ààbò, HSE, lábẹ́ òfin tí wọ́n ń pè ní RIDDOR. Fọ́ọ̀mù náà gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn láàárín ọjọ́ 10. Kíkọ ọ́ ránṣẹ́ kò túmọ̀ sí pé ilé iṣẹ́ gbà pé òun jẹ̀bi. Àbúrò mi ò ní láti fi í ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, iṣẹ́ ọ̀gá nìyẹn. Ṣùgbọ́n inú ìròyìn tirẹ̀ ni ọ̀gá ti máa mú ohun tó máa kọ. Ẹ ò rí i pé tó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́ ló fi ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ "klínà kùnà" ni ì bá dé ọ̀dọ̀ ìjọba.

Nígbà tí wọ́n pe ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, ó gbé ẹ̀rọ omi náà kúrò lára ògiri. Páìpù kan ló tú díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tó ń kán omi sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lóru. Mọ́mì? Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló wà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Kò tíì dé ìsàlẹ̀ rárá. Kámẹ́rà fi hàn bẹ́ẹ̀.

Àbúrò mi sọ fún mi pé lọ́jọ́ tí òun gbọ́, òun lọ bá Mọ́mì ní ilé ìdáná, òun kúnlẹ̀ kí i. Mọ́mì ní, "Kí ló dé, ọmọ mi?" Kò lè sọ fún un. Mọ́mì ò sì mọ̀ títí dòní pé orúkọ òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú ìwé kan.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èyí tí a bá fi ẹnu sọ, wọ́n lè gbàgbé rẹ̀. Èyí tí a bá kọ, tí a fọwọ́ sí, ó máa wà nínú fáìlì fún ọdún púpọ̀. Torí náà, kí ẹ tó fi ìròyìn yín ránṣẹ́, ẹ kà á sókè fún ara yín, kí ẹ dúró lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bi ara yín pé, "Báwo ni mo ṣe mọ̀?" Èyí tí ẹ bá lè dáhùn pé mo rí i, mo gbọ́ ọ, mo wọ̀n ọ́n, tàbí lágbájá ló sọ ọ́ fún mi, ẹ fi í sílẹ̀. Èyí tí ìdáhùn rẹ̀ bá jẹ́ "mo rò bẹ́ẹ̀" tàbí "gbogbo wa la mọ̀," ẹ yọ ọ́.

Bí irú èyí bá ti ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ yín rí, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fídíò yìí, àmọ́ ẹ má dárúkọ ilé iṣẹ́, ẹ má dárúkọ ènìyàn.